Ṣé ká ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ni, àbí ká kọ́kọ́ wá ibi tí owó ti ń jò nínú ti àkọ́kọ́?

Ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó ọjà wọn, kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó èyí: "Ọjà ń lọ dáadáa, ṣé kí n ṣí bíránǹṣì kejì?" Tí n bá wá bi wọ́n pé èló lẹ ń jẹ lérè lóṣù, iye tí wọ́n ń tà ni wọ́n á sọ fún mi. Owó tá a tà àti owó tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ lọ̀tọ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àǹtí mi kan ṣàlàyé ẹ̀, wọ́n gbà kí n sọ ọ́ tí n ò bá ṣáà ti dárúkọ wọn. Àmàlà ni wọ́n ń tà n'Íbàdàn, apá Mọ́kọ́lá. Ẹ̀ ń wo gbẹ̀gìrì, ewédú, ògúnfe, ṣàkì, pọ̀nmọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó bá fi máa di aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, ẹni tó bá dé kò ní ríbi jókòó, á dúró ti ògiri pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì Agodi máa ń wọ mọ́tò wá jẹun níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ni éjẹ́ǹtì kan wá pè wọ́n pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo ní Bódìjà, ojú títì ni, lánlọ́ọ̀dù ń gba mílíọ̀nù kan àti ₦800,000 lọ́dún, kí wọ́n tètè wá san án kí ẹlòmíì tó gbà á. Ṣé ẹ mọ éjẹ́ǹtì, gbogbo ìgbà ni ẹlòmíì fẹ́ gbà á. Àǹtí ti fẹ́ lọ kó owó àjọ wọn jáde kí wọ́n tó pè mí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Àǹtí, abọ́ mélòó lẹ ń tà lóòjọ́?" Wọ́n ní àwọn ń tà tó ₦240,000 lójúmọ́. Mo ní rárá, abọ́ ni mo bèèrè. Wọn ò mọ̀ ọ́n lórí, àmọ́ ọmọ wọn obìnrin máa ń fa ìlà sínú ìwé kan fún gbogbo abọ́ tó bá jáde, ìyẹn ló gbà wá. A ṣí ìwé ti 2023, oṣù kẹta, kí owó epo mọ́tò tó fò sókè. Abọ́ 150 ni wọ́n ń tà lójúmọ́ nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ pọ̀, àwo kan ń mú bíi ₦1,200 wá, ₦180,000 nìyẹn. Ní báyìí, àwo kan ti di ₦2,000, ṣùgbọ́n abọ́ 120 ni wọ́n ń tà. Ṣé ẹ rí i? Owó tó ń wọlé ti fi ₦60,000 ga sí i lójúmọ́, àwọn tó ń jẹun sì ti fi 30 dín kù. Gbogbo wa la rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ kan péré ni wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni lítà kan kúrò ní nǹkan tí kò tó ₦200 tó di bíi ₦500, tí gbogbo nǹkan ọjà sì tẹ̀ lé e. Torí náà, ẹni tó bá ń fi náírà wo bóyá ọjà òun ń dàgbà láyé ìsinsìnyí, ọ̀wọ́n gógó ló ń wò, kì í ṣe ọjà. Ẹ ka abọ́. Tó bá jẹ́ aṣọ lẹ ń rán, ẹ ka aṣọ, tó bá jẹ́ búrẹ́dì, ẹ ka búrẹ́dì.

Ìyẹn nìkan ti tó kí èèyàn dá ọwọ́ éjẹ́ǹtì dúró. Ṣùgbọ́n Àǹtí ní ṣebí èrè náà ni kókó, pé kí abọ́ dín kù kò burú tí owó bá ń kù sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A wá jókòó lálẹ́ Sọ́ńdè, èmi pẹ̀lú kákúlétọ̀ fóònù mi, àwọn pẹ̀lú ìwé ọjà.

Ọjọ́ 26 ni wọ́n ń ṣí lóṣù, wọn kì í tà ní Sọ́ńdè. Abọ́ 120 lọ́nà 26, abọ́ 3,120 nìyẹn, ní ₦2,000, ó jẹ́ ₦6,240,000 tó ń wọlé lóṣù. Ìyẹn ni Àǹtí máa ń rí nínú tíránsífáà àti owó ọwọ́, ìyẹn ló sì ń mú inú wọn dùn. A wá ṣírò gbogbo owó tó ń bá oúnjẹ lọ tààrà, ìyẹn èlùbọ́, ẹran, ata, epo, ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, gáàsì, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ti àwọn tó ń gbé e lọ. Tá a bá pín in kárí, abọ́ kan ń jẹ ₦1,450. Ó ṣẹ́ ku ₦550 lórí abọ́ kan. Ẹ di ₦550 yẹn mú o, òun la máa lò títí tá a fi máa parí ọ̀rọ̀ yìí. Ní abọ́ 3,120, ó jẹ́ ₦1,716,000.

Nínú owó yẹn ni ẹ ti máa wá yọ ohun tẹ́ ẹ máa san bóyá ẹnikẹ́ni jẹun tàbí ẹnikẹ́ni ò jẹun. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ń gba ₦440,000 lápapọ̀ (òfin owó oṣù ₦70,000 ti 2024 kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, àmọ́ ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ rí ẹni tó máa fọ abọ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ fún ₦40,000 kẹ́ ẹ wá sọ fún mi). Rẹ́ǹtì, tá a bá pín in sí oṣù, ₦100,000. Iná àti epo jẹ́nẹ́rétọ̀, ₦180,000. Ìdọ̀tí, owó ìjọba ìbílẹ̀, owó tí báńkì ń yọ, pọ́ọ̀sì, àtúnṣe ibí àtúnṣe ọ̀hún, ₦90,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦810,000. Ó ku ₦906,000.

Àǹtí ní ẹ̀hẹ̀n, kò burú. Mo ní ẹ dúró ná, èló lẹ ń san fún ara yín? Wọ́n wò mí bíi ẹni tó ń ṣe wèrè. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣọ́ọ̀bù mi náà ni màá tún máa gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Torí àwọn ló ń lọ sọ́jà láago márùn-ún, àwọn ló ń tọ́ gbẹ̀gìrì wò, àwọn ló ń jókòó ti owó, àwọn ló ń parí ìjà àwọn ọmọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíì wá ṣe gbogbo ìyẹn, kò ní gbà tó bá dín ní ₦250,000. Owó yẹn kì í ṣe èrè, owó iṣẹ́ wọn ni. Ẹ yọ ọ́, ó ku ₦656,000. Fíríísà máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ìkòkò ńlá máa jò, àga máa kán, ẹ fi ₦56,000 sápá kan lóṣù de ọjọ́ yẹn. Ó ku ₦600,000.

Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ₦100 tó wọlé, èrè kò tó ₦10. Àǹtí ti rò pé àwọn ń jẹ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lóṣù. Wọn ò parọ́ fúnra wọn o, owó ń gba ọwọ́ wọn kọjá lójoojúmọ́ ni, owó tó bá ń gba ọwọ́ èèyàn kọjá sì máa ń jọ owó èèyàn.

Ní báyìí, ṣé ₦550 lórí abọ́ ₦2,000 dára? Ohun tí mo bi Àǹtí ni pé, kóńgò èlùbọ́ kan, abọ́ mélòó ló yẹ kó jáde nínú ẹ̀? Wọn ò mọ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè a rò ó lójú ara wa. A wọn kóńgò kan, ìyá tó ń rokà rò ó, a pín in bó ṣe yẹ kí àwo kan rí, ó jáde abọ́ 10 géérégé. Torí náà abọ́ 120, kóńgò 12 ló yẹ kó lọ. Kóńgò 15 ló ń lọ lójúmọ́. Àmàlà ọgbọ̀n abọ́ ń sọnù lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó jí èlùbọ́.

A wá dúró ti ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ. Àwọn ọmọ méjì ló ń bù ú. Ti ọ̀kan, bó ṣe yẹ ni. Ti èkejì, ọwọ́ ẹ̀ ńlá, tó bá fi ìpọnkọ gé àmàlà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan. Àwọn kọ́sítómà mọ̀ ní tiwọn! Ìlà tiẹ̀ ló máa ń gùn, ẹlòmíì á dúró lẹ́yìn èèyàn mẹ́wàá níwájú ọmọ yẹn, tí ìlà ti èkejì á sì ṣófo. Àǹtí ti ń rí ìlà yẹn tipẹ́, wọ́n rò pé ọmọ yẹn ló lọ́yàyà jù.

Ẹran tún ni. Wọ́n ń ra ẹran tútù, wọ́n sì ń ṣírò iye tí ẹyọ kan máa jẹ́ lórí ìwọ̀n ẹran tútù, ẹran tó bá jiná a sì máa súnkì, kílò 10 tẹ́ ẹ gbé kaná lè bọ́ sí bíi kílò 7 tó bá jiná tán. Ẹni tó bá ta ẹran jíjiná ní owó tó fi tútù ṣírò ti ń san nǹkan lórí gbogbo ẹyọ tó bá tà. Àti gbẹ̀gìrì. Mọ́ńdè kì í tà tó Fúráìdè, gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà ni wọ́n ń gbé kaná látọjọ́ Mọ́ńdè títí dé Sátidé, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, èyí tó ṣẹ́ kù ti kan, á di dídà nù.

Wọn ò ṣe nǹkan bàbàrà kankan. Wọ́n ra abọ́ kékeré tí wọ́n fi ń wọn àmàlà, àwọn ọmọ méjèèjì gbọ́dọ̀ lò ó. Wọ́n ra ìwọ̀n kílò. Wọ́n ń ka ẹran ní ẹyọ ẹyọ láàárọ̀, wọ́n sì ń ka èyí tó kù nírọ̀lẹ́, iye tó lọ gbọ́dọ̀ bá ìlà inú ìwé mu. Mọ́ńdè àti Túsìdè, ìkòkò gbẹ̀gìrì kéré. Gbogbo ìnáwó yẹn kò tó ₦150,000. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn kan kùn pé àmàlà ti kéré, ọ̀kan tiẹ̀ bínú lọ, ẹ má jẹ́ kí n parọ́, àmọ́ nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, abọ́ kan tó ń jẹ ₦1,450 ti bọ́ sí ₦1,330. ₦120 péré ni. Ẹ wá fi ₦120 lọ́nà 3,120: ₦374,400 lóṣooṣù. Èrè kúrò ní ₦600,000, ó di ₦974,400, láìfi abọ́ kan kún un, láìsan rẹ́ǹtì kankan, láìbá éjẹ́ǹtì sọ̀rọ̀.

Ó wá yá, ẹ jẹ́ ká gbé ṣọ́ọ̀bù Bódìjà yẹn sórí ìwọ̀n, ká rí ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè bá abọ́ ìwọ̀n àmàlà dọ́gba.

Ká tó wọlé, rẹ́ǹtì ọdún kan ₦1,800,000, éjẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, agirimẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá míì, ₦2,160,000 ti lọ. Táìsì, kíkun, tábìlì, àga, ìkòkò, sítóòfù gáàsì ńlá, fíríísà, jẹ́nẹ́rétọ̀, pátákó ìta, a fojú bù ú sí ₦3,840,000. A wá nílò owó tí ṣọ́ọ̀bù yẹn á máa ná kó tó lè bọ́ ara ẹ̀, ₦2,000,000. Mílíọ̀nù mẹ́jọ nìyẹn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì máa ń pa ṣọ́ọ̀bù kejì jù.

Tó bá ti ṣí, òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ₦440,000. Mánéjà, ₦250,000, torí Àǹtí ò lè wà ní Mọ́kọ́lá kí wọ́n tún wà ní Bódìjà lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹ́ǹtì ₦150,000 lóṣù. Iná àti jẹ́nẹ́rétọ̀ ₦180,000. Ọkọ̀ tó ń gbé nǹkan láti ibí dé ọ̀hún, ₦60,000. Pálapàla tó kù, ₦100,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦1,180,000 lóṣù, kí ẹnikẹ́ni tó jẹ òkèlè kan.

Ẹ pín ₦1,180,000 sí ₦550 tá a ní kẹ́ ẹ di mú yẹn. Ó máa fún yín ní abọ́ 2,145 àti díẹ̀ lóṣù, tá a bá pín in sí ọjọ́ 26, abọ́ 83 lójúmọ́. Ìyẹn ni abọ́ tí Bódìjà gbọ́dọ̀ máa tà kí èrè ẹ̀ tó jẹ́ òdo. Òdo o! Kó tó wá lè mú ₦374,400 wá, iye tí abọ́ ìwọ̀n kékeré yẹn mú wá, ó gbọ́dọ̀ ta abọ́ 109 lójúmọ́. Mọ́kọ́lá tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, tí gbogbo èèyàn mọ̀, 120 ló ń tà.

Tẹ́ ẹ bá wá lọ ṣí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dí ibi tó ń jò, owó orí abọ́ kan ti di ₦670, abọ́ 68 lójúmọ́ ló máa tó kó má baà jẹ gbèsè. Láti 83 sí 68. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ tún ti àkọ́kọ́ ṣe nìyẹn, kì í ṣe pé ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù kejì burú, àtúnṣe yẹn máa bá yín lọ síbi kejì ni. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Jíjò náà á bá yín lọ tẹ́ ẹ bá kó o lọ, ìlọ́po méjì ló sì máa dà, torí kò sẹ́ni tó máa wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti kò sẹ́ni tó máa wò ó yìí. Ọmọ Àǹtí tó wà l'Ékòó bímọ, wọ́n lọ wẹ ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Kí wọ́n tó lọ, mo ti ní kí ọmọbìnrin tó ń fa ìlà máa fà á lọ bó ṣe wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, abọ́ bọ́ láti 120 sí 104 lójúmọ́. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, àwọn kan wà tó jẹ́ pé Àǹtí ni wọ́n wá ń kí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni owó ọjà: kò yí padà, iye tí wọ́n ń ná nígbà tí wọ́n ń ta 120 náà ni wọ́n ná. Èlùbọ́ abọ́ 120, ẹran abọ́ 120, abọ́ 104 ló jáde. Mi ò ní wọ́n jalè, bóyá wọ́n jalè bóyá wọn ò jalè, ohun tí ìwé sọ ni pé tí Àǹtí ò bá sí níbẹ̀, ibi tó ti dí yẹn á tún ṣí. Ìyẹn ni ìdánwò tí mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣí bíránǹṣì ṣe: ẹ lọ síbì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ má máa pè wọ́n lórí fóònù ní wákàtí wákàtí, kẹ́ ẹ wá fi iye tí wọ́n tà àti iye tí wọ́n ná wéra. Ṣọ́ọ̀bù tí kò lè dá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, tẹ́ ẹ bá ṣí èkejì, ṣọ́ọ̀bù méjì tí kò lè dá dúró lẹ ní. Tí owó orí abọ́ ní Bódìjà bá wá bọ́ sí ₦450 torí pé kò sí ojú ẹni tó ni í níbẹ̀, abọ́ 101 ló gbọ́dọ̀ tà kó tó dé òdo.

Oṣù àkọ́kọ́ ń kọ́? Àmàlà tuntun ládùúgbò, kò sẹ́ni tó mọ̀ yín, ká ní abọ́ 40 lẹ ń tà lójúmọ́, ìyẹn gan-an kò burú fún ibi tuntun. 40 lọ́nà 26 lọ́nà ₦550, ₦572,000 ló wọlé sórí ìnáwó ₦1,180,000. Ẹ ti pàdánù ₦608,000 lóṣù kan. Gbogbo èrè Mọ́kọ́lá àtijọ́, ₦600,000, kò tó o dí! Ìdí tí ẹ máa ń rí i tí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń lọ dáadáa á ṣí èkejì, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ẹ ò ní rí ẹyọ kan nínú méjèèjì mọ́ nìyẹn. Wọ́n á ní ayé ń ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù kejì ń jẹ owó ọjà ti àkọ́kọ́ ni, díẹ̀ díẹ̀, títí ti àkọ́kọ́ náà ò fi ní rówó ra èlùbọ́.

Ẹ tún rántí àwọn ará Sẹkitéríàtì tó ń wọ mọ́tò wá sí Mọ́kọ́lá. Bódìjà ò jìnnà sí wọn. Ká ní 20 nínú wọn ṣí lọ sọ́hùn-ún, inú mánéjà Bódìjà á dùn pé òun ní kọ́sítómà 20 tuntun, ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá ti pàdánù abọ́ 20, ₦286,000 lóṣù. Àpò kan náà ni owó náà ti kúrò, òun ló sì padà sí, ẹ kàn san rẹ́ǹtì lé e lórí ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ṣáájú, kó bi àwọn kọ́sítómà ẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wá fún ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó wá wo mélòó nínú wọn ló máa sún mọ́ ibi tuntun ju ti àtijọ́ lọ.

Lórí owó yíyá, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 2024, Sẹ́ńtírà Báńkì gbé èlé tiwọn dé 27.5% lọ́dún, ẹ wá ro èyí tí báńkì àtàwọn tó ń yáni lówó káàkiri àdúgbò máa fi lé e. Tẹ́ ẹ bá yá mílíọ̀nù mẹ́rin nínú mẹ́jọ yẹn ní 3% lóṣù, ₦120,000 lóṣù ni èlé nìkan, abọ́ 83 ti di 91. Kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá èlé yẹn ń dín kù bí gbèsè ṣe ń dín kù, torí ọ̀pọ̀ wọn, iye owó tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yá ni wọ́n ń ṣírò ẹ̀ lé títí dé òpin, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti dá ìlàjì padà. Ti kọpurétíìfù sàn díẹ̀.

Ìgbà wo wá ni ṣọ́ọ̀bù kejì tọ́? Ó ní ìgbà tiẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń lé èèyàn padà ni. Mi ò sọ pé ìgbà tí ibẹ̀ bá kún, torí kíkún máa ń tan èèyàn jẹ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n ka àwọn tó ń dé tí wọ́n sì ń padà láìjẹun ní Mọ́kọ́lá, 9 péré ni lójúmọ́, gbogbo wọn láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago kan ààbọ̀. Tó bá ti di aago mẹ́ta, ẹ lè sùn lórí bẹ́ǹṣì. Ibi kan tó kún fún wákàtí kan tó sì ṣófo fún wákàtí mẹ́fà, kò nílò ṣọ́ọ̀bù míì, ọwọ́ kẹta níbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ ló nílò, àti ẹni tó ń gbowó lọ́tọ̀ kí ẹni tó ń bu oúnjẹ má baà máa dúró de ìró tíránsífáà. Wọ́n ṣe ìyẹn, àwọn tó ń padà bọ́ sí 3. Tó bá jẹ́ pé àtàárọ̀ ṣúlẹ̀ lẹ ń lé èèyàn padà, tẹ́ ẹ ti fi àga kún un, tẹ́ ẹ ti ń dáná alẹ́, tẹ́ ẹ ti ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n ṣì ń padà, ó ti tó àkókò nìyẹn.

Ìgbà míì tún wà tí mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tún ti àkọ́kọ́ ṣe tán, ìyẹn tí lánlọ́ọ̀dù bá ń múra láti gba ilé ẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri nítorí ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ fẹ̀. Ibòmíì lẹ ń wá nígbà yẹn, kì í ṣe ibi kejì, ìṣirò ẹ̀ sì yàtọ̀. Iṣẹ́ míì náà ń bẹ tí òfin fúnra ẹ̀ mú kó wọ́n, bíi fámásì, torí ilé òògùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní apòògùn oníwèé-àṣẹ tiẹ̀, ẹ ò lè fi ẹnì kan ṣoṣo bo ibi méjì. Nínú ọjà bíi ẹja dídì, èkejì lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an tó bá jẹ́ pé páálí 50 tẹ́ ẹ ń rà máa di 120, tí ẹni tó ń tà á fún yín sì máa dín owó kù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ iye tó máa dín, kó má jẹ́ pé "a máa ṣe é fún ẹ, má worry" nìkan lẹ gbọ́ tẹ́ ẹ fi lọ san rẹ́ǹtì.

Àǹtí ò gba ṣọ́ọ̀bù Bódìjà. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló ti wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n bínú sí mi fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ìwọ̀n kílò ni mo kó wá bá àwọn dípò pátákó tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọmọ tó ń fa ìlà di ẹni tó ń di ṣọ́ọ̀bù mú tí wọn ò bá sí, owó oṣù ẹ̀ lọ sókè, òun ló ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí Àǹtí kàn ń yẹ ìwé ẹ̀ wò nírọ̀lẹ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún lọ s'Ékòó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Abọ́ 117, kóńgò 12. Wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí dáná alẹ́, abọ́ 35 ń lọ lálẹ́ nìkan.

Àwọn tó ń padà láìjẹun ti tún ń pọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 17 lójúmọ́, àtọ̀sán àtalẹ́. Àǹtí pè mí lálẹ́ Sátidé pé éjẹ́ǹtì mìíràn ti dé o, Àpáta ni lọ́tẹ̀ yìí, tó jìnnà sí Sẹkitéríàtì dáadáa. Mo ní èló ni rẹ́ǹtì. Wọ́n ní àwọn ò tíì bèèrè, àwọn fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i ka àwọn tó ń padà ná.